Fídíò tí a gé sí mẹ́jọ tí ìkankan kò sì ṣí

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi fóònù ká ọ̀rọ̀ àti ìlù bàbá onílù kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Ìṣẹ́jú 42 ni fídíò náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 4. Ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ wa kì í gba fáìlì tó bá ju mẹ́gábáìtì 500 lọ. Mo fi 7-Zip gé e lórí Windows, mo kọ 500M síbẹ̀, ó di mẹ́jọ, mo wá yí ìdí orúkọ wọn padà sí .mp4. Ìkànnì kọ méje àkọ́kọ́, ẹ̀kẹjọ nìkan ló gbà, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo ti pa ti orí fóònù rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, fi ọkàn balẹ̀. Ìlù bàbá náà kò tíì sọnù, níwọ̀n ìgbà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Má pa ìkankan rẹ́ nínú wọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò tó ń tún fídíò ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọ́n kàn pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni.

Ohun tí 7-Zip ṣe ni pé ó ka báìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, nígbà tó pé iye tí o kọ, ó gé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Kò mọ̀ pé fídíò ni, kò sì bìkítà. Fáìlì mp4 kò sì rí bí ọ̀pá ìrèké tí èèyàn lè dá síbi tó bá wù ú kí adùn rẹ̀ máa bá a lọ. Ó ní apá kan tó kó àwòrán àti ohùn gbogbo sínú, ó tún ní apá kékeré kan tó ń jẹ́ `moov`, tí í ṣe atọ́ka. Ibẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé àwòrán báyìí bẹ̀rẹ̀ ní báìtì báyìí, ohùn tó bá a lọ wà níbí, ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo rẹ̀. Ètò tó ń ṣí fídíò kò lè gbé ẹsẹ̀ kan láìrí atọ́ka yìí. Fóònù kì í sì í kọ ọ́ títí o fi tẹ bọ́tìnì ìdádúró, nítorí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí. Nítorí náà, ìdí fáìlì ló sábà máa ń wà.

Ìwọ náà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Méje àkọ́kọ́ ní àwòrán àti ohùn, wọn kò ní atọ́ka. Bí o bá gbé ọ̀kan nínú wọn fún ffmpeg, ètò kan tó ń ka fídíò tó sì ń gé e, ohun tí yóò sọ fún ọ ni `moov atom not found`. Ẹ̀kẹjọ ló ní atọ́ka, ṣùgbọ́n àárín àwòrán ni òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí ètò kò fi mọ ibi tí yóò ti ka ohunkóhun, atọ́ka yẹn sì ń júwe báìtì tó wà lọ́dọ̀ àwọn méje tó kù. Yíyí orúkọ padà sí .mp4 kò lè yí èyí padà.

Àkọ́kọ́ nìyí: dá orúkọ wọn padà sí bí 7-Zip ṣe sọ wọ́n. Ká ní `ayan.mp4` ni fídíò rẹ ń jẹ́, á jẹ́ `ayan.mp4.001` títí dé `ayan.mp4.008`, kí gbogbo wọn wà nínú fódà kan ṣoṣo. Ṣí 7-Zip fúnra rẹ̀, tẹ ojú ọ̀tún máòsì lórí `.001`, kí o sì yan `Combine Files...`. Yóò so wọ́n pọ̀ báìtì sí báìtì, ohun tó máa jáde yóò sì jẹ́ ohun tí fóònù rẹ kọ gan-an, láìdín láìlé. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, wo àyè tó kù nínú kọ̀ǹpútà. Wẹ́wẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti gba nǹkan bíi gígábáìtì 4, odidi tí o fẹ́ so yóò gba 4 mìíràn, àwọn ìpín tuntun tí a máa ṣe yóò tún gba 4. Bí àyè tó kù kò bá tó 8, wá dísíìkì mìíràn so mọ́ ọn, má ṣe pa wẹ́wẹ́ àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè gbà ọ́.

Nígbà tó bá so tán, ṣí odidi náà kí o wò ó. Má wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Fò lọ sí ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, fò lọ sí ìṣẹ́jú ogójì, gbọ́ ìlù níbẹ̀. Bó bá ṣí, tó sì ń dún káàkiri, a ti yọ nínú ewu.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀: pé ìkànnì kọ méje, ó gba ọ̀kan. Nígbà tí o kọ 500M fún 7-Zip, ó ka mẹ́gábáìtì kan sí báìtì 1,048,576, nítorí náà ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 524,288,000. Ìkànnì yín ka tirẹ̀ sí mílíọ̀nù kan gééré, ibi tó fi ààlà sí sì ni báìtì 500,000,000. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, ìwọ̀n wọn yàtọ̀, bí kóńgò olóúnjẹ méjì nínú ọjà kan náà. Láti ìsinsìnyí lọ, báìtì ni kí o máa kà, kí o sì máa fi èyí tó kéré ṣe ààlà rẹ.

Ó kan pípín tó tọ́. ffmpeg ni mo fẹ́ kí o lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ ohun tí fídíò jẹ́. Lórí Windows, ṣí `cmd` kí o tẹ èyí:

```
winget install Gyan.FFmpeg
```

Ti `cmd` pa, tún un ṣí, kí o wá lọ sínú fódà tí odidi fídíò náà wà. Kọ́kọ́ bi í ní ìwọ̀n àti gígùn rẹ̀:

```
ffprobe -v error -show_entries format=duration,size -of default=nw=1 ayan.mp4
```

Ká ní ó dá ọ lóhùn pé `duration=2520.000000` àti `size=3780000000`. Ìṣẹ́jú àáyá 2,520 ni ìṣẹ́jú 42 rẹ yẹn. Pín ìwọ̀n pẹ̀lú gígùn, ìyẹn báìtì 3,780,000,000 sí ọ̀nà 2,520, yóò fún ọ ní 1,500,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fídíò yìí ń jẹ mílíọ̀nù kan àbọ̀ báìtì. Ààlà ìkànnì, 500,000,000, tí o bá pín in pẹ̀lú 1,500,000, á jẹ́ 333. Ṣé kí a wá gé e ní 333-333? Rárá o. Ìpíndọ́gba ni 1,500,000 yẹn, kì í ṣe ohun tí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń jẹ gan-an. Nígbà tí bàbá jókòó tó ń sọ̀rọ̀, tí ògiri sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, báìtì tó ń gbà sì kéré. Nígbà tí ó dìde, tó gbé ìyáàlù kọ́ apá, tí àwọn ọmọ ń jó níwájú rẹ̀, tí ewé igi ń mì lẹ́yìn, gbogbo àwòrán ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, báìtì á sì pọ̀ sí i. Èmi a máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. 333 á wá di nǹkan bíi 280, 2,520 sì pé 280 lọ́nà mẹ́sàn-án gééré.

Àṣẹ náà nìyí, orí ìlà kan ṣoṣo ni kí o tẹ̀ ẹ́ sí:

```
ffmpeg -i ayan.mp4 -map 0:v:0 -map 0:a:0 -c copy -f segment -segment_time 280 -segment_start_number 1 -reset_timestamps 1 -segment_format_options movflags=+faststart ayan_%02d.mp4
```

Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ń ṣe. `-c copy` ni ó ń sọ pé kí ó má tún àwòrán tàbí ohùn kọ, kí ó kàn dà á láti inú ìgbá kan sínú òmíràn. Nítorí ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kì í fi í pẹ́, tí dídára àwòrán kò sì ní dín kù rárá. Àwọn `-map` méjèèjì sọ pé àwòrán kan àti ohùn kan péré ni a fẹ́. Àwọn fóònù kan máa ń ki nǹkan mìíràn bọ inú fídíò, bíi àkọsílẹ̀ nípa ìṣípòpadà kámẹ́rà, tí mp4 tuntun kò mọ bí yóò ṣe gbé, tí gbogbo iṣẹ́ á sì dúró pẹ̀lú ìkìlọ̀ `Could not find tag for codec none`. `-reset_timestamps 1` ni ó jẹ́ kí ìpín kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ aago tirẹ̀ láti òdo. Láìsí i, ìpín karùn-ún lè gbà pé ìṣẹ́jú kejìdínlógún ni òun wà, àwọn ètò kan á sì fi ojú dúdú hàn ọ́ títí wọn yóò fi dé ibẹ̀. `faststart` gbé atọ́ka wá síwájú fáìlì, kí ẹni tó fẹ́ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà dúró títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. `%02d` ni nọ́ńbà onídìígíìtì méjì, 01, 02, títí lọ. Má fojú kékeré wo òdo yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń to orúkọ bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń tò ó, tí 10 á fi ṣáájú 2.

Bí o bá fẹ́ kọ àṣẹ yìí sínú fáìlì `.bat` kí o lè máa lò ó lemọ́lemọ́, kọ ọ́ ní `%%02d`. Nínú `.bat`, Windows máa ń fi orúkọ fáìlì `.bat` náà rọ́pò `%0` kí ffmpeg tó rí i.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀, tó sì máa ń dà wọ́n láàmú: ìgé náà kì í bọ́ sí 280 gẹ́lẹ́. Nínú fídíò, kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó dá dúró. Èyí tó pé, tí mo ń pè ní àwòrán odidi, máa ń wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó tẹ̀ lé e kàn ń sọ ohun tó yí padà ni: ọwọ́ bàbá sún síbí, ẹnu ṣí díẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín wọn, kò sí ohun tí àyípadà náà máa dúró lé, ìdí nìyẹn tí àwọn fídíò kan fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eérú àti bátànì fún ìgbà díẹ̀ kí àwòrán tó mọ́. Aṣọ òfì ni kí o rò. Ẹni tó bá fẹ́ pín in, ojú rírán ni ó ń tú, kì í fi àdá la àárín ọ̀já. Nítorí náà, tí ó bá pé 280, ffmpeg á dúró de àwòrán odidi tó kàn kó tó gé e.

Nínú fídíò tí fóònù ká, ojú rírán yìí sábà máa ń wà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá kan sí ara wọn, kò sì lè dà ọ́ láàmú. Ṣùgbọ́n fídíò tí èèyàn ti tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà lè ṣòro díẹ̀. Kọ́dẹ́ẹ̀kì x264, tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, lè jẹ́ kí ó tó àwòrán 250 kí odidi mìíràn tó dé bí a kò bá sọ fún un, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún fídíò oníàwòrán 25. Ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ báìtì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lè fi mẹ́gábáìtì 15 kún ìpín kan. Bí o bá fẹ́ mọ bí tìrẹ ṣe rí, àṣẹ yìí á ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, á sì kọ àkókò àwòrán odidi kọ̀ọ̀kan:

```
ffprobe -v error -read_intervals %+30 -select_streams v:0 -skip_frame nokey -show_entries frame=pts_time -of csv=p=0 ayan.mp4
```

Àṣìṣe kì í kó jọ. 280, 560, 840 ti odidi fídíò ni ffmpeg ń wò, nítorí náà bí ìpín kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan gùn jù, èyí tó tẹ̀ lé e á kúrú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì padà bọ́ sípò.

Lẹ́yìn èyí, tẹ `dir` kí o wo báìtì ìpín kọ̀ọ̀kan. Ká ní mẹ́jọ wà láàárín mẹ́gábáìtì 390 sí 425, àmọ́ `ayan_04.mp4` jẹ́ báìtì 512,000,000. Ìkànnì á kọ̀ ọ́. Ìpín kẹrin bẹ̀rẹ̀ láti 840 dé 1,120, ìyẹn láti ìṣẹ́jú kẹrìnlá dé nǹkan bíi kọkàndínlógún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ijó ti gbóná. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí o dín gbogbo rẹ̀ kù sí 240. Ó máa ṣiṣẹ́: ìpín á di mọ́kànlá, èyí tó wúwo jù á sì wá sí nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 440.

Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ tìrẹ, èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni o ká. Bí aago bá gé ìyáàlù sí méjì láàárín oríkì, ẹni tó bá gbọ́ ìparí ìpín kẹta kò ní gbọ́ ohun tí ìlù wí, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kẹrin á gbọ́ ìrù ọ̀rọ̀ láìgbọ́ orí rẹ̀. Jókòó ti odidi fídíò náà, kí o kọ àkókò tí bàbá dúró láti mí, tàbí tí o bi í ní ìbéèrè tuntun, sílẹ̀. Wá fún ffmpeg ní àwọn àkókò yẹn dípò `-segment_time 280`. Ká ní ibi tí o rí nìyí:

```
-segment_times 268,541,830,975,1120,1395,1675,1948,2236
```

Gbogbo ohun tó kù nínú àṣẹ náà wà bó ṣe wà. Ìgé mẹ́sàn-án fún ọ ní ìpín mẹ́wàá. Ibi ijó, tó wúwo, ni mo pín sí méjì ní 975, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 145, tí kò ní ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 265 lọ. Èyí tó gùn jù nínú àwọn yòókù jẹ́ 289, ó sì wà ní ibi tí bàbá jókòó. Kété tí ìlù bá dákẹ́ ni kí o kọ àkókò, kí ìdákẹ́jẹ́ tó tó ìṣẹ́jú àáyá kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ojú rírán lè sún ìgé síwájú díẹ̀. Kí o sì pa `ayan_01` dé `ayan_09` ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí o tó tún un ṣe, kí ti àtijọ́ àti ti tuntun má baà dàpọ̀.

Má gbé ohunkóhun lọ sí ìkànnì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ṣíṣí ìpín kan fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kò tó. Àṣẹ yìí á ka gbogbo àwòrán àti ohùn inú ìpín kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọ fáìlì kankan:

```
for %f in (ayan_*.mp4) do ffmpeg -v error -i %f -f null -
```

Orúkọ àwọn fáìlì á máa kọjá níwájú rẹ. Bí kò bá kọ nǹkan kan sábẹ́ orúkọ kan, ìpín yẹn dára. Bí ó bá kọ ìkìlọ̀, ṣí ìpín náà kí o wo ibi tó bẹ̀rẹ̀. Yóò gbà ọ́ lákòókò díẹ̀, nítorí ó ń wo fídíò ìṣẹ́jú 42 tán ni. Tún fi ffprobe béèrè gígùn ìpín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí o rò wọ́n pọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ 2,520, tàbí kó fi ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀. Bí o bá rí 2,240, ìpín kan ti sọnù síbì kan.

Bí olùkọ́ rẹ bá fẹ́ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, kọ orúkọ wọn sínú `list.txt`, ọ̀kan lórí ìlà kan, báyìí: `file 'ayan_01.mp4'`, títí dé `ayan_10.mp4`. Òun yóò wá tẹ:

```
ffmpeg -f concat -i list.txt -c copy odidi.mp4
```

Àwòrán á tẹ̀ lé ara wọn láìsí àyè. Ohùn ni ó lè ta kín-ín lójú ìdè, nítorí inú àpò kéékèèké ni a ń di ohùn sí, nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgé kì í sì í bá ẹnu àpò ṣe déédéé. Bó bá jẹ́ ibi tí bàbá dákẹ́ ni o gé e sí, etí kò ní gbọ́ ọ. Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ohùn ìlù náà sílẹ̀ ní àmì ohùn, odidi tí 7-Zip so pọ̀ ni kí o fún un lórí dísíìkì, kì í ṣe àwọn ìpín. Odidi yẹn náà ni kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì lónìí, kí o tó pa wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ti àkọ́kọ́ rẹ́.